Ọ̀sán Tí Fóòmù Náà Fúyẹ́ Jù

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ fóòmù rí á rò pé kò sí ohun tó lè dẹ́rù bani nínú rẹ̀. Ó rọ̀, ó fúyẹ́, orí rẹ̀ la ń sùn sí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ti Ìkìrun wá sí Ọ̀tà wá iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbà mí sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ibùsùn fóòmù, lẹ́yìn Ṣàngó, inú ìyá mi dùn gan-an. Ó ní, “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ irin. Fóòmù ò lè pa ọmọ mi lára.”

Mi ò sọ fún un títí dòní pé irọ́ ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni iṣẹ́ wíwọ̀n. Bí wọ́n bá ti da fóòmù tán, tí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, èmi ni mo máa fi téépù wọn gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀, màá gbé e sórí ìwọ̀n, màá wá sọ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Ohun tí mo ń wá ni wọ́n ń pè ní dẹ́ńsítì. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ká ní o kan àpótí kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí gíga rẹ̀ náà jẹ́ mítà kan, tí o sì gé fóòmù tó kún inú rẹ̀ régérégé: iye kílò tí fóòmù inú àpótí yẹn bá wọ̀n ni dẹ́ńsítì rẹ̀. Èyí tí a ń ṣe fún ibùsùn àwọn ọmọ ilé ìwé, ogún ni.

Àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Èmi ni mo mú un wá láti ilé, mo bẹ mánéjà wa, wọ́n sì fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán aṣọ ibùsùn. Òkè ni wọ́n ti ń ránṣọ, lókè gbọ̀ngàn ńlá tí a máa ń kó búlọ́ọ̀kù fóòmù, ìyẹn fóòmù ńlá tí a kò tíì gé sí ibùsùn, sí kó lè tutù. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló gòkè lọ síbẹ̀, inú gbọ̀ngàn yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn náà sì wà. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Kò fi ìgbà kankan jọ mí lójú, àfi ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi bí mo ṣe lè bẹ̀rù fóòmù ni bàbá tó jẹ́ olórí àwọn agéfóòmù. Ọmọ Ọ̀tà gan-an ni wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ bí àwọn àgbà ìlú ṣe ń sọ ọ́, tí a ó máa rẹ́rìn-ín. Alájì là ń pè wọ́n. Ọjọ́ kejì tí mo dé, wọ́n mú mi wọ gbọ̀ngàn, wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ lé ara búlọ́ọ̀kù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì dé.

“Kí lo gbọ́?”

Mo ní, “Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bàbá.”

“Ìta nìyẹn. Bí ìta bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, inú ń hó bí omi orí iná.”

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Kẹ́míkà la fi ń ṣe fóòmù. Ọ̀kan nípọn, ó ń yọ̀ bí òróró. Òun ló pọ̀ jù, òróró náà la sì ń pè é láàárín ara wa. Èkejì máa ń ta èèyàn nímú, a kì í fi ọwọ́ lásán kàn án. A ó wá fi omi díẹ̀ sí i. Bí omi bá pàdé atanímú yẹn, wọ́n á bá ara wọn jà, afẹ́fẹ́ á jáde, gbogbo rẹ̀ á sì wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n fi yíìsì sí. Àmọ́ ooru ń bá afẹ́fẹ́ yẹn jáde. Òróró tó nípọn ló máa ń gba ooru náà mọ́ra kó má bàa le jù. Fóòmù fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru lọ; ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń gbóná bí a bá sùn lé e lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Nítorí náà, àárín búlọ́ọ̀kù lè wà nínú ooru fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ooru náà bá kọjá ààlà, àárín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á sì dúdú. Lẹ́yìn náà, iná á sọ láì sí ẹni tó ṣáná.

Alájì ní, “Mo ti rí i rí. Kì í ṣe níbí. Ilé iṣẹ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́. Èéfín rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kì í sì í jẹ́ kéèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì béèrè ẹni tí kò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gba inú gbọ̀ngàn kọjá, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gba ibi tí ajá búburú sùn sí kọjá.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kún fún ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló pẹ́ dé. Iléèwé gíga kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ti ní kí a ṣe ibùsùn fún wọn, èyí tí ọmọ kan ń dá sùn lé. Ọkọ̀ wọn ti wà ní ẹnu géètì, wọ́n fẹ́ kó èyí tí a ti ṣe sílẹ̀, kí wọ́n sì fojú rí èyí tí a ń ṣe lọ́wọ́. Nǹkan bí agogo mẹ́wàá la bẹ̀rẹ̀ sí í da fóòmù. Ó wú dáadáa. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo ń wò ó bó ṣe ń ga sókè, funfun báláú, ó dé ibi tó máa ń dé gan-an lára ògiri ẹ̀rọ náà. Wọ́n ń gé e ní búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì ń fi kẹ̀kẹ́ tì í lọ sínú gbọ̀ngàn.

Àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ń ṣàwàdà. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé, “Iṣẹ́ òní mà rọrùn o. Àfi bíi pé mò ń ti òwú.”

Èkejì dáhùn, “Ẹ̀bà tí o jẹ láàárọ̀ ló ń ṣiṣẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe jẹ́ àṣà wa, Alájì gé awẹ́ kan kúrò ní ìdí búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn, wọ́n gé èèpo rẹ̀ dànù, wọ́n sì gé e di ìwọ̀n ibùsùn kan: gígùn mítà méjì, ìbú mítà kan, nínípọn ogún sẹ̀ǹtímítà. Awẹ́ tó tinrin bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tutù. Mo fi í ti ògiri ní ẹnu ọ̀nà yàrá mi, mo lọ jẹun, mo kírun, mo padà wá.

Ìṣirò ibùsùn yẹn ti wà lórí mi tẹ́lẹ̀. Mítà méjì lọ́nà mítà kan jẹ́ méjì. Ogún sẹ̀ǹtímítà jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún mítà. Ìdá kan nínú márùn-ún méjì ni ìdá méjì nínú márùn-ún. Nítorí náà, ibùsùn yẹn kò kún àpótí mítà kan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdá méjì nínú márùn-ún àpótí náà ló gbà. Bí fóòmù tó kún àpótí bá wọn ogún kílò, ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọn kílò mẹ́jọ. Ó lè fi gíráàmù díẹ̀ lé, ó lè fi díẹ̀ dín.

Mo gbé e sórí ìwọ̀n. Kílò mẹ́fà àti ẹgbẹ̀rin gíráàmù ló wí.

Mo gbé e kúrò. Mo jẹ́ kí ìwọ̀n padà sí òdo. Mo tún gbé e lé e. Ohun kan náà ni.

Mo kọ́kọ́ bínú sí Alájì nínú ọkàn mi. Mo rò pé ọ̀bẹ ló yẹ̀ lọ́wọ́ wọn, pé awẹ́ náà tinrin ju bó ṣe yẹ lọ. Bí nínípọn rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlógún dípò ogún, kílò mẹ́fà àti ẹgbẹ̀rin gíráàmù náà ló máa wọ̀n, kò sì sí láburú kankan nínú ìyẹn. A ó kàn gé òmíràn ni. Mo mú téépù. Mo wọn igun kan: ogún. Igun kejì: ogún. Mo yí i po, mo wọn àárín: ogún géérégé. Mo wọn gígùn, mo wọn ìbú. Kò sí èyí tó dín.

Mo ká téépù, mo tún ṣe ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ààyè tí fóòmù yẹn gbà pé. Ohun tó wà nínú ààyè náà ni kò pé. Mo fi ìdá méjì nínú márùn-ún pín kílò náà, ó fún mi ní mẹ́tàdínlógún. Kì í ṣe fóòmù ogún la dà láàárọ̀ yẹn.

Mo lọ pe Alájì. Mi ò sáré, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tó ń lé mi. Wọ́n wò ó, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

“Ìwọ̀n rẹ ńkọ́?” wọ́n bi mí. “Ṣé orí rẹ̀ pé?”

A bu omi kún kẹ́ẹ̀gì alámì lítà márùn-ún, a gbé e lé ìwọ̀n. Kílò márùn-ún ni omi yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́, yàtọ̀ sí kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ tí a ti mọ iye tó wọ̀n. Ìwọ̀n náà sọ òótọ́.

Alájì jókòó sórí àga mi. Mi ò rí i kí wọ́n jókòó lẹ́nu iṣẹ́ rí. Wọ́n ní, “Lọ bá mi pe ọ̀gá.”

Mánéjà wa wà pẹ̀lú àwọn ará iléèwé lẹ́nu géètì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, oníwà tútù, ẹni tó gbọ́n. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn títí wọ́n fi kọjú sí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wá wo nǹkan kan.”

“Ṣé kò lè dúró?”

Mo ní, “Kò lè dúró, sà.” Ohùn mi ló sọ ìyókù, torí wọ́n fi àwọn àlejò sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n wo ìwọ̀n, wọ́n wo téépù, wọ́n ṣe ìṣirò náà fúnra wọn lórí fóònù. 

Wọ́n ní, “Fóòmù wú dé ibi tó máa ń wú dé, àbí?”

“Ó dé ibẹ̀ gan-an, sà. Mo dúró tì í.”

“Omi àti atanímú ló ń mú un wú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dín, kò ní wú tó bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé wọ́n pé. Kí ló wá dín?”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ ìdáhùn. Òróró ni. Ohun tó ń gba ooru mọ́ra gan-an ni kò tó. Ohun tó ń mú ooru wá pé pérépéré, ohun tó yẹ kó rọ̀ ọ́ lójú kò pé, a sì ti kó búlọ́ọ̀kù bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn. Gbogbo wọn ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀, wọ́n ń gbóná láti inú, nísàlẹ̀ àwọn tó ń ránṣọ.

Ìgbà náà ni mo rántí ẹni tó ní òun ń ti òwú. Búlọ́ọ̀kù tó gùn ní mítà méjì, tó fẹ̀ ní mítà méjì, tó ga ní mítà kan, ọgọ́rin kílò ló yẹ kó jẹ́. Èyí tí wọ́n ń tì yẹn kò ju méjìdínláàádọ́rin lọ. Ọwọ́ àwọn ọmọkùnrin yẹn ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wa. A kàn rẹ́rìn-ín ni.

Mánéjà ní kí ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ tú asẹ́ tí òróró ń gbà kọjá wò. Àwa kò dúró de èsì rẹ̀. Alájì ti ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn: “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé búlọ́ọ̀kù kankan. Ẹ má fi nǹkan gún un. Bí ẹ bá là á, atẹ́gùn á wọlé bá iná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa tì wọ́n jáde sí pápá, kí ẹ jẹ́ kí àyè tó pọ̀ wà láàárín wọn. Ẹ fa rọ́bà omi jáde.”

Mánéjà pe àwọn panápaná lórí fóònù. Èmi gba ọ̀nà àtẹ̀gùn.

Nígbà tí mo wọ gbọ̀ngàn, kò sí ohun tó yàtọ̀. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Àwọn búlọ́ọ̀kù náà tò sílẹ̀ bí màlúù tó ń sinmi, wọ́n funfun, wọ́n dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé èyí tó wà lójú ọ̀nà, mo sì yára gbé e kúrò. Kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́. Ooru rẹ̀ dà bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe.

Mo gòkè. Mo bá ìyá tó jẹ́ olórí àwọn aránṣọ, mo sọ ọ́ sí i létí pé kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ báyìí, kí wọ́n má ṣe mú ohunkóhun. Ìyá náà dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, “Ẹ dìde. Ìsàlẹ̀ la ń lọ. Ẹni tó bá ń wá bàtà, ẹsẹ̀ lásán ni kó fi lọ.” Àwọn obìnrin náà ń dà wìtìwìtì lọ sísàlẹ̀, èmi sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, mo ń wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Mo ń wá ojú kan. Bí ẹ bá ti rí i tí ogunlọ́gọ̀ ń kọjá lójú yín, ẹ ó mọ̀ pé èèyàn lè fojú fo ẹni tó ń wá. Mo sọ fún ara mi pé mo ti fojú fò ó.

Nígbà tí a dé pápá, ìyá aránṣọ kà wọ́n. Wọ́n tún wọn kà. Wọ́n wá wò mí, mo sì ti mọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu.

“Àbúrò rẹ,” wọ́n ní. “Orí ń fọ́ ọ láti òwúrọ̀. Mo ní kó lọ fara lélẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn àwọn aṣọ. Ọlọ́run mi, mo gbàgbé rẹ̀.”

Mi ò rántí bí mo ṣe dé ẹnu gbọ̀ngàn padà. Ohun tí mo rántí ni òórùn. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé. Ó dà bíi ti ike tí wọ́n gbé sún mọ́ ààrò. Àwọn ọkùnrin ti ti bí ìdajì búlọ́ọ̀kù jáde. Alájì dúró níwájú mi, wọ́n na apá wọn méjèèjì.

“Níbo lò ń lọ?”

“Àbúrò mi wà lókè, bàbá.”

Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìkángun gbọ̀ngàn níbi tí búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn wà, èyí tí a ti gé awẹ́ wa. Mo tẹ̀lé ojú wọn. Nǹkan kan ń rú jáde lórí rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èéfín àtùpà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Alájì tú gèlè orí mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, wọ́n fi di imú mi. “Má ṣe mí jù. Má pe orúkọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, torí igbe á jẹ́ kí o mí. Lọ, kí o bọ̀ báyìí. Èmi máa ti eléyìí jáde.”

Mo gòkè. Ẹ̀rù tó bà mí lórí àtẹ̀gùn yẹn, ó ní ọwọ́, ó sì ní ẹsẹ̀. Ó ń fà mí sẹ́yìn. Mo ń rò ó pé èmi ni mo mú un wá láti Ìkìrun. Mo ń rí ojú ìyá wa. Lókè, àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ wà bí wọ́n ṣe fi wọ́n sílẹ̀, aṣọ ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ wọn. Mo gba àárín wọn kọjá dé ibi tí wọ́n kó aṣọ jọ sí. Àbúrò mi sùn lórí òkìtì àgékù fóòmù, ó ká ẹsẹ̀ kò bó ṣe máa ń sùn láti kékeré, ó sì fi ọwọ́ sí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo gbá a létí. Mi ò mọ ọ̀nà míì tí mo lè gbà jí i kíákíá.

Ó la ojú, ó ní, “Àǹtí mi, kí ni mo ṣe?”

“Dìde. Má sọ̀rọ̀. Fi aṣọ di imú.”

Ara rẹ̀ gbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Mo gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn mi. Nígbà tí a dé orí àtẹ̀gùn, èéfín ti wà nísàlẹ̀, kò tíì dúdú, ó pọ́n bí ẹrẹ̀. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí Alájì àti ọkùnrin méjì tí wọ́n fi aṣọ tútù di imú, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ tí búlọ́ọ̀kù yẹn wà lórí rẹ̀. Àárín orí rẹ̀ ti jìn wọnú, ó ti pọ́n, ó ń tú èéfín. Wọ́n kọjá níwájú wa, a sì tẹ̀lé wọn. Kò sí ọ̀nà míì. Mo ń tẹ̀lé ohun tí mò ń sá fún.

A bọ́ sí ìta. Atẹ́gùn fẹ́ lù wá. Àwọn ọkùnrin náà ti kẹ̀kẹ́ dé àárín pápá, Alájì kígbe pé kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sá. Wọn ò tíì sá jìnnà nígbà tí búlọ́ọ̀kù náà là. Kò bú gbàmù bí mo ti rò. Ó kàn mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ti di èémí mú fún ìgbà pípẹ́, iná sì dìde láti inú rẹ̀, ó ga ju òrùlé gbọ̀ngàn lọ. Èéfín rẹ̀ dúdú bí Alájì ṣe sọ ọ́ gan-an. Ooru rẹ̀ lé gbogbo wa dé ẹ̀bá ògiri. Búlọ́ọ̀kù kan tó wà nítòsí rẹ̀ gba iná náà, àmọ́ àwọn yòókù jìnnà síra, àwọn ọkùnrin sì ń da omi lé wọn láìdúró.

Mánéjà sún gbogbo wa kúrò ní ibi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ. Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń wo iná náà, ó ń wo fèrèsé òkè níbi tó sùn sí. Kò sunkún. Ó kàn ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ìyá aránṣọ kúnlẹ̀ tì í, wọ́n ń sọ pé, “Dárí jì mí, ọmọ mi, dárí jì mí.” Èmi fi gèlè tútù náà nu ojú àbúrò mi. 

Àwọn panápaná dé nígbà tí èyí tó burú jù ti kọjá. Wọ́n pa èyí tó kù, wọ́n sì dúró títí wọ́n fi lè gbé ọwọ́ lé gbogbo búlọ́ọ̀kù láì yára gbé e kúrò. Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ mú asẹ́ náà wá han mánéjà. Nǹkan kan tó dà bí ọ̀dà tó dì ti bo ihò rẹ̀. Ó wà lábẹ́ ìdérí níbi tí ojú kò ti lè rí i, òróró sì ń kán gba ibi tó yẹ kó ti máa ṣàn. Kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti tutù pátápátá, mánéjà pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n ní kí Alájì la ọ̀kan nínú àwọn búlọ́ọ̀kù tí kò jóná. Ìta rẹ̀ funfun bí òwú. Àárín rẹ̀ pọ́n bí iṣu sísun, ó sì ń fọ́ bí àkàrà gbígbẹ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́.  Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ́ síta lọ bì.

A da fóòmù mìíràn fún àwọn ọmọ iléèwé. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n, kílò mẹ́jọ ni. Mánéjà kó àwọn aránṣọ kúrò lókè gbọ̀ngàn, wọ́n gba ilé kan fún wọn lódìkejì òpópónà, ilé ilẹ̀ tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ní ilẹ̀kùn méjì. Àṣẹ sì ti wà báyìí pé ká wọn awẹ́ àkọ́kọ́ kí búlọ́ọ̀kù kejì tó wọ gbọ̀ngàn.

Àbúrò mi kò padà síṣẹ́. Nígbà tí ibà rẹ̀ lọ, ó ní kí n má bínú, òun ò lè gba géètì yẹn wọlé mọ́. Ó ń ránṣọ nílé ara rẹ̀ ní Ìtẹ̀lé báyìí, ó ti ṣègbéyàwó, ó ti bímọ. Èmi ṣì wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúrò. Bóyá nítorí pé bí mo bá kúrò, ẹlòmíì ló máa dúró ti ìwọ̀n yẹn, mi ò sì mọ̀ bóyá ó máa gbé e lé e lẹ́ẹ̀mejì.

Fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, orí ẹní ni mo sùn. Ọkọ mi ò bá mi jà sí i. Ó kó ìrọ̀rí rẹ̀ wá bá mi nílẹ̀. Nígbà tí mo padà sórí ibùsùn, mo ṣì máa ń gbé ọwọ́ lé e kí n tó dùbúlẹ̀, pẹrẹsẹ, ní àárín gan-an, màá dúró díẹ̀. Ó máa ń tutù. Mo mọ̀ pé yóò tutù. Síbẹ̀ mo ń dúró.